Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí owó ọ̀dà wa fi wálẹ̀

Ẹ̀yin oníbàárà wa l'Ákúrẹ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń wá láti Ìdànrè, ẹ kú ọjà o.

Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, rọ́bà ọ̀dà lítà 20 tí ẹ ti ń rà ní 56,975 náírà yóò di 53,750. Ọ̀dà náà ni, iye tí ilé-iṣẹ́ ń tà á fún wa kò sì yí padà. Àṣìṣe ló wà nínú ìwé léjà wa, ó sì yẹ kí ẹ mọ bó ṣe rí.

40,000 náírà ni ilé-iṣẹ́ ń ta rọ́bà kan fún wa. Wọ́n á fi fáàtì, owó-orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà, lé e, náírà 7.5 lórí ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 3,000. Gbogbo 43,000 yìí ni a wá ń kọ sílẹ̀ bí owó ọjà. A fi èrè 10,000 lé e, ó di 53,000, a sì tún gbé fáàtì 3,975 ka orí rẹ̀. Fáàtì ti gun orí fáàtì, ẹ̀yin lẹ sì ń san án. Ó dùn mí gan-an.

3,000 yẹn kì í ṣe owó ọjà. Ojú-ewé fáàtì ló yẹ kó wà nínú léjà, ní apá òsì, bíi fáàtì ìrà. Bí a bá ta rọ́bà náà ní 50,000, ẹ ó san fáàtì 3,750 lé e. 50,000 lọ sí ojú-ewé ọjà títà. 3,750 bọ́ sí apá ọ̀tún ojú-ewé fáàtì, òun ni fáàtì ìtà. Yọ òsì kúrò lára ọ̀tún, ó ku 750. Iye yẹn ni àwa máa san fún ìjọba, ó pẹ́ tán ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó tẹ̀lé e. Ilé-iṣẹ́ tó tà fún wa ló máa jíhìn 3,000 yòókù. Èrè wa ṣì jẹ́ 10,000 géérégé, nítorí fáàtì kò kàn án rárá.

Apá òsì yẹn ló tú àṣírí. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi ń ra ọjà, síbẹ̀ kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹni tó bá ní rìsíìtì 56,975 láti oṣù mẹ́ta yìí, kó mú un wá. A ó dá 3,225 padà lórí rọ́bà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á lọ tà, fáàtì ìtà tiwa ni fáàtì ìrà tiyín, bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ fún fáàtì. Ẹ máa gba ínfọ́ìsì tí nọ́ńbà owó-orí wa wà lórí rẹ̀, tí a sì ya 3,750 sọ́tọ̀ sí ìlà tirẹ̀. Láìsí ìwé yẹn, ẹ kò lè kọ ọ́ sí apá òsì tiyín. Á di owó ọjà yín ni. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi kun ilé yín, ọ̀dọ̀ yín ni fáàtì náà parí sí.

Ìyá Ọlọ́dà,
Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.