Ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí owó oṣooṣù tí ẹ fẹ́ máa gbà lórí kòkó inú sítọ́ọ̀

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, Iléṣà.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà. Àwa oníṣòwò kòkó tó ní sítọ́ọ̀ nílùú yìí la kọ̀wé sí yín. A gbọ́ pé a ó máa san ₦10,000 lóṣooṣù lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, nítorí wọ́n ní ẹni tó ra kòkó ní Disẹ́ńbà tó tà á ní Máàṣì ń jèrè gọbọi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo ìṣirò rẹ̀.

Ká ní oníbàárà ti bá wa ṣàdéhùn láti gba tọ́ọ̀nù kan ní Máàṣì ní ₦5,200,000. Àwa kọ́ la ń dá iye yẹn lé e, ọjà Lọ́ńdọ̀nù àti Niu Yọ́ọ̀kì la ń wò. Owó tí a fi ń rajà, a yá a ni. Èlé rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, bó bá jẹ́ náírà méjì lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, á tó ₦288,000. Sítọ́ọ̀, ọlọ́dẹ, oògùn kòkòrò àti àwọn tó ń tú àpò sá sóòrùn kó má baà bu, ₦60,000. Kòkó tún ń fúyẹ́ bó ṣe ń gbẹ sí i, ẹ ka ìyẹn sí ₦52,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦400,000. Nítorí náà, ₦4,800,000 la lè fún àgbẹ̀ ní Disẹ́ńbà. Èrè tiwa ni ohun tí a bá rí ṣẹ́ kù nínú ìnáwó yẹn.

Bí ẹ bá wá fi ₦30,000 oṣù mẹ́ta lé e, Lọ́ńdọ̀nù kò ní tìtorí Iléṣà gbé iye Máàṣì sókè. Owó àgbẹ̀ Ìbòkun àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni yóò ti jáde.

Èyí tó tún ká wa lára ni pé nígbà mìíràn, iye Máàṣì kì í tó ti òní. Ní 2024, ìkórè Gánà àti Kotidifúà kò dára. Ní Disẹ́ńbà, kòkó kọjá dọ́là 12,000 lórí tọ́ọ̀nù ní Niu Yọ́ọ̀kì, síbẹ̀ iye àdéhùn oṣù tó jìnnà kéré sí ti èyí tó sún mọ́lé. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń lọ kòkó kò lè da ìwé àdéhùn sẹ́nu ẹ̀rọ. Kòkó tó wà nílẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ dúró, ó sì ṣe tán láti sanwó lé e nítorí àǹfààní yẹn. Kò sì sẹ́ni tó lè yá kòkó tí kò tíì so kó tà á lónìí, ìdí nìyẹn tí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ fi ń pẹ́ nílẹ̀.

Bí òní bá jẹ́ ₦5,000,000, tí Máàṣì jẹ́ ₦4,900,000, tí ìnáwó ìpamọ́ sì tó ₦400,000, àǹfààní níní kòkó lọ́wọ́ tó nǹkan bí ₦500,000. Kò sí lórí rìsíìtì kankan. Ìṣirò ló ń fi í hàn. Ẹlẹ́rọ ló ń jẹ ẹ́. Àwa tí a kàn to àpò jọ ń pàdánù iye yẹn lórí tọ́ọ̀nù kan, ẹ sì tún fẹ́ gbowó èrè lọ́wọ́ wa.

A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí owó náà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ọkọ̀ bá já ẹrù. Bó bá jẹ́ dandan kó jẹ́ oṣooṣù, ẹ dá a dúró ní oṣù tí iye àdéhùn bá kéré sí ti òní. Ìwé ìṣirò wa wà ní sítọ́ọ̀. Ẹ rán akápò yín wá wò ó.

Àwa oníṣòwò kòkó, Iléṣà.