Bí Mo Ṣe Dá Ilé Màmá Padà Fún Wọn

Sùúrùlérè, Èkó
14 Oṣù Keje, 2025

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. O mọ̀ pé ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bójú tó ilé onífúláàtì mẹ́fà yẹn, nítorí náà ó yẹ kí o gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ mi pé Màmá tó ni ilé ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Lẹ́tà wọn dé ní 30 Oṣù Kẹfà. Wọ́n ní àbúrò wọn ọkùnrin ni yóò máa ṣe é báyìí, kí n sì kó gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ilé náà wá láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n onílé ló nilé.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ kò pẹ́ rárá. Mẹ́tàlá ni: méjì ti géètì, ọ̀kan ti yàrá ẹ̀rọ omi, ọ̀kan ti àpótí mítà, mẹ́rin ti fúláàtì tó ṣófo, àti márùn-ún tí àwọn ayálégbé fi sọ́wọ́ mi nítorí pàjáwìrì. Mo so orúkọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi àti àbúrò Màmá jọ dán àwọn ti géètì, ẹ̀rọ omi, mítà àti fúláàtì tó ṣófo wò lójú ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé èyí tí mo fún òun kò ṣí ibi kankan. A kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a sì jọ fọwọ́ sí i.

Ìwé rẹ́ǹtì ló gbà mí ní òru méjì. Màmá rò pé iye owó tó wọlé nìkan ni ìwé náà wà fún, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹni tuntun nílò jù ni ọjọ́ tí rẹ́ǹtì oníkálukú yóò parí. Bí kò bá mọ ọjọ́ yẹn, ayálégbé lè sọ èyí tó wù ú fún un, tàbí kí òun náà lọ máa bá ẹni tó ti san owó rẹ̀ jà. Wo ayálégbé fúláàtì kẹrin: ₦1,200,000 ni rẹ́ǹtì rẹ̀ lọ́dún, ó san ₦700,000 ní Oṣù Kejì, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun yóò san ₦500,000 tó kù kí Oṣù Kẹjọ tó parí. Mo fi ìwé àdéhùn náà àti ẹ̀dà risíìtì ṣọwọ́ pọ̀. Ti fúláàtì kejì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé mo ti fún un ní ìwé kó-jáde ní Oṣù Kẹta. Lábẹ́ òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó tọdún 2011, oṣù mẹ́fà ni àkókò ìwé kó-jáde fún ayálégbé ọlọ́dọọdún bí kò bá sí àdéhùn mìíràn. Bí ẹ̀dà tó fọwọ́ sí pé ìwé náà tẹ òun lọ́wọ́ bá sọnù, wọ́n lè ní láti bẹ̀rẹ̀ kíkà láti oókan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dojú rú ni owó káṣọ̀n. Àwọn ayálégbé márààrún san ₦100,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦500,000 ló sì wà lọ́wọ́ mi. Màmá jẹ mí ní ₦70,000, ìyẹn owó iṣẹ́ mi, ìdá mẹ́wàá nínú ₦700,000 tí fúláàtì kẹrin san, ọ̀rẹ́ wa kan sì gbà mí níyànjú pé kí n yọ ọ́ níbẹ̀. Mo kọ̀, nítorí owó ayálégbé ni káṣọ̀n, kì í ṣe ti Màmá, kì í sì í ṣe tèmi. Mo san ₦500,000 pérépéré sí àkáǹtì wọn, mo kọ orúkọ àti iye owó oníkálukú, mo ní kí wọ́n fọwọ́ sí i, mo sì fi lẹ́tà ọ̀tọ̀ béèrè ₦70,000 mi.

Àbúrò wọn fẹ́ kí n ju nọ́ńbà fóònù àwọn ayálégbé àti ti àwọn onídùúró wọn sórí Wáàsáàpù ẹbí. N kò gbà. Inú àpòòwé ni mo fi wọ́n sí, mo fi lé Màmá lọ́wọ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni kí àwọn fúnra wọn kọ̀wé sí àwọn ayálégbé pé n kò sí nídìí iṣẹ́ náà mọ́. Wọn kò kọ ọ́, ni ayálégbé fúláàtì kẹfà bá san rẹ́ǹtì sí àkáǹtì mi ní 3 Oṣù Keje. Ẹni tí kò gbọ́ pé a ti yọ ájẹ́ńtì kò jẹ̀bi bó bá san owó fún un, èmi náà sì lè di olè láìmọwọ́mẹsẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo fi owó yẹn ránṣẹ́ sí Màmá, tí mo sì fi ẹ̀rí rẹ̀ han ayálégbé. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó kọ lẹ́tà sí gbogbo wọn.

Ẹ̀rọ omi bàjẹ́ lánàá, ìyá fúláàtì karùn-ún sì pè mí bó ṣe máa ń ṣe. Mo fún un ní nọ́ńbà àbúrò Màmá. Wọn kò tíì san ₦70,000 náà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.