Sí Ẹ̀yin Ọmọ Tí Fọ́ọ̀mù Ń Dá Padà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ àbúrò mi kan ló fa lẹ́tà yìí. Ó wá kí mi ní Tankẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Ó gbé wàrà dání, ṣùgbọ́n mi ò tíì fi ẹnu kan wàrà náà tó fi na fóònù sí mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí. Ṣé kí n kọ ọ́ ni àbí kí n fi í sílẹ̀?"

Ìkéde iṣẹ́ méjì ló wà lójú fóònù, irú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń kó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì jọ láti kọ́ wọn níṣẹ́, tí ẹ̀yin ń pè ní tréínì. Báńkì kan ló ni àkọ́kọ́. Wọ́n ní àwọn gba ẹni tó fi máàkì 2:2 jáde yunifásítì, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ẹni tó bá máa kọ ọ́ kò gbọdọ̀ ju 26 lọ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ inú páálí ló ni èkejì. Àwọn yẹn gbà dé ọmọ ọdún 28, ṣùgbọ́n ẹnjiníà tó ní 2:1 ni wọ́n ń wá.

3.42 ni ọmọ wa yìí ní. Ní yunifásítì tó bá ń ka máàkì dé 5, 3.50 ni 2:1 ti ń bẹ̀rẹ̀, láti 2.40 dé 3.49, 2:2 ni. Ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1998 ni wọ́n sì bí i. Báńkì gba máàkì rẹ̀, kò gba ọjọ́ orí rẹ̀. Ilé oúnjẹ gba ọjọ́ orí, kò gba máàkì. Ẹni tó lórí ò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà ò lórí.

Kò tiẹ̀ mọ̀ pé báńkì ti lé òun. Ó ní, "Ọmọ ọdún 26 ni mí, Bàbá." Lóòótọ́, ọmọ ọdún 26 ni lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ tó ń kọ fọ́ọ̀mù ni wọ́n ní àwọn máa kà á sí. Nígbà tí oṣù Kejìlá bá fi máa parí, yóò ti lo ọ̀sẹ̀ méje ó lé nínú ọdún 27. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ tí a fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ni àwọn máa lò, ì bá wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ wá ọjọ́ tí wọ́n ń kà á sí, kí ẹ tó wo iye ọdún tí wọ́n kọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe kì í pe iye ọdún rárá. Wọ́n á ní kí ó jẹ́ ẹni tí a bí láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún báyìí síwájú, àríyànjiyàn sì tán.

Ó dùn mí fún un, mi ò ní purọ́. Ìparí ọdún 2018 ló wọ yunifásítì fún ẹ̀kọ́ ọlọ́dún márùn-ún. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ gbé e láti oṣù Kẹta dé oṣù Kejìlá ọdún 2020, òmíràn tún gbé e láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì dé ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Bí oṣù mẹ́tàdínlógún ṣe lọ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méje péré ló sì fi kọjá ààlà báńkì. Ṣùgbọ́n kò sí àyè tí èèyàn ti ń kọ ìyẹn sínú fọ́ọ̀mù.

Ọdún méjìlélógún ni mo fi wà ní ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé. Èmi náà wà lára àwọn tó ń ti fọ́ọ̀mù yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láyé ìgbà tí ó jẹ́ ìwé, páálí páálí ni wọ́n máa ń kó o wọlé, ènìyàn mẹ́ta la sì máa ń jókòó tì í. A kì í kà á. Ohun tí ojú lè tètè rí láìkàwé la fi ń ṣà á: máàkì, lẹ́yìn náà ọjọ́ orí. Kò sẹ́ni tó gbà gbọ́ nínú wa pé ẹni tó ní 3.50 gbọ́n ju ẹni tó ní 3.42 lọ. Iṣẹ́ ló pọ̀ ju ọwọ́ lọ. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń ṣe iṣẹ́ páálí yẹn, kì í sì í rẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ìlànà méjèèjì kò rí bákan náà. Ọjọ́ orí kì í tẹ̀. Bí ẹ bá ti kọ ọjọ́ ìbí yín sí ojú tí wọ́n ti kọ `Date of Birth`, ìṣirò lásán ló kù, ẹ̀rọ á sì ṣe é kí ẹ tó ṣẹ́jú. Máàkì a máa tẹ̀ nígbà mìíràn, torí pé ènìyàn ló ń pinnu rẹ̀ ní àwọn ilé-iṣẹ́ kan, pàápàá níbi tí irú ẹni tí wọ́n ń wá kò bá pọ̀.

Ọ̀rẹ́ ọmọ àbúrò mi yìí kan ti bá a dá ọgbọ́n ti báńkì: kó sọ 1998 di 1999. Mo ní kó gbọ́ ìtàn kan. A gba ọmọkùnrin kan nígbà kan rí, ọmọ dáadáa, òṣìṣẹ́ gidi. Ó ti gé ọdún méjì kúrò lára ọjọ́ orí rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù, a ò sì mọ̀. Ọdún kẹfà ni wọ́n fẹ́ gbé e ga, wọ́n ní kí a to fáìlì rẹ̀ jọ. Ọjọ́ ìbí tó wà nínú ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò bá ti fọ́ọ̀mù tó fi wọlé mu. Èmi ni wọ́n ní kí n pè é wọ yàrá. Kò bá mi jà, ó kàn ń wo bàtà rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló kúrò, kì í ṣe nítorí ọjọ́ orí, nítorí irọ́ ni. Lóde òní ó tún le sí i: ọjọ́ ìbí yín wà nínú NIN, ó wà ní báńkì, ó wà nínú ìwé ìdánwò Wáẹ̀ẹ̀kì, ó wà lọ́wọ́ àjọ àwọn àgùnbánirọ̀. Ibi tí ẹ bá tún un ṣe sí, àwọn ìyókù á máa wò yín.

Nítorí náà a fi ti báńkì sílẹ̀. A jọ ṣí fọ́ọ̀mù ilé oúnjẹ.

Ibi tí iṣẹ́ wà rèé. Ẹ má kàn ka ìkéde kí ẹ sì padà. Ẹ wọ inú fọ́ọ̀mù, ẹ wo bí ó ṣe ń béèrè máàkì. Àwọn kan á bi yín tààrà: `Do you have a minimum of Second Class Upper?`, `Yes` tàbí `No`. Ìbéèrè tí wọ́n fi ń lé ènìyàn nìyẹn. `No` á gbé yín jáde, `Yes` á sọ yín di òpùrọ́. Ẹ pa á dé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé wọ́n to oríṣi máàkì sílẹ̀ kí ẹ mú tiyín, tí `Second Class Lower` sì wà nínú rẹ̀, ẹ mú un, kí ẹ wo bóyá fọ́ọ̀mù máa jẹ́ kí ẹ lọ síwájú. Bí ó bá gbà yín títí dé `Submit` láìjẹ́ pé ẹ purọ́ níbì kan, ẹ kọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ti yà yín sọ́tọ̀ lẹ́yìn, ẹ ò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ kan àti dátà díẹ̀ ló ná yín.

Ti ilé oúnjẹ gbà á. Mo ní kó má ṣe fi máàkì pamọ́, kó má sì tọrọ àforíjì. Ibi tí wọ́n ti ní kó sọ nípa ara rẹ̀, oṣù mẹ́fà tó fi kọ́ṣẹ́ nílé ìlọṣọ nígbà tó wà ní yunifásítì ló kọ, irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò níbẹ̀, èyí tó bàjẹ́ tí òun bá wọn tú, àti ohun tó ba bẹ́líìtì rẹ̀ jẹ́. Ẹnjiníà tó bá ka ìyẹn á mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ náà ti dọ̀tí rí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n fi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ránṣẹ́. Ó ṣe é, ó yege. Ni wọ́n bá ní kó máa bọ̀ l'Ékòó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kó kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dání. Inú gbogbo ilé dùn. Èmi ni mo dá wọn dúró. Ẹni tó ń fi ìdánwò ránṣẹ́ lè má wo máàkì rárá. Ọjọ́ tí wọ́n bá gba ìwé lọ́wọ́ yín ni wọ́n ń wò ó. Owó ọkọ̀ láti Ìlọrin dé Èkó, àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú ibi tí èèyàn máa sùn, kì í ṣe owó dátà mọ́. Mo ní kó kọ íméèlì kúkúrú sí wọn: pé òun dúpẹ́, pé 2:2 ni òun ní gẹ́gẹ́ bí òun ṣe kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù, pé ṣé kí òun máa bọ̀. Màmá rẹ̀ bínú sí mi, ó ní mò ń fi ọwọ́ ara wa ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dáhùn: kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ibi tó máa já sí nìyẹn, ì báà jẹ́ ní Tankẹ́ tàbí lórí àga l'Ékòó.

Ó wá bi mí bóyá kí òun lọ gba máásítà kó lè bo 2:2 mọ́lẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń kọ ọ́ sínú ìkéde pé àwọn gba 2:2 bí máásítà bá tì í lẹ́yìn. Níbi tí wọn ò bá ti kọ ọ́, máàkì àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wò. Máásítà ọdún kan ààbọ̀ á sì jẹ lára ohun tí kò ní lọ́pọ̀, ìyẹn ọjọ́ orí.

Máàkì rẹ̀ kò ní yí padà mọ́, 3.42 ni yóò máa jẹ́. Ọjọ́ orí ló ń sá. Nítorí náà a to àwọn iṣẹ́ tó lè kọ fọ́ọ̀mù wọn sórí ìwé, bí ilẹ̀kùn wọn ṣe máa tì tẹ̀ lé ara wọn. Àwọn tó gbà dé 28 ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, tí wọ́n sì gba 2:2, ló wà lókè pátápátá: ti ọdún 2025 àti 2026 ṣì lè gbà á, tí ó bá di 2027, ó ti pé 29. Àwọn tó ń wá 2:1 tí fọ́ọ̀mù wọn sì gba òtítọ́ ló tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tó ń gba èèyàn dé ọdún 50, ló wà nísàlẹ̀, torí pé ìyẹn kò ní sá.

Bí ìkéde kan bá rú ẹ̀yin náà lójú, ẹ da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ sí mi bó ṣe wà gan-an, kí ẹ má tún un sọ lẹ́nu ara yín. Kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí wọ́n bí yín sí i.

Èmi ni bàbá yín,
ní Tankẹ́, Ìlọrin.