Má fi gbogbo ẹ̀ ra ẹ̀wà

Àkànní ọmọ mi,

Àbúrò rẹ ló sọ fún mi pé wọ́n fún ọ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 400 náírà níbi iṣẹ́, àti pé àpò ẹ̀wà mẹ́rin lo fẹ́ fi gbogbo ẹ̀ rà, kí o kó o pamọ́ títí yóò fi wọ́n. Mo pè ọ́ lánàá, o ò gbé e. Ṣé èmi tí mò ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà ló yẹ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì?

Ara bàbá rẹ ti yá díẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn tún ti ń jò.

Mi ò ní kí o má rà. Ra àpò kan. Ká ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 100 ni wọ́n ń tà á, fi ẹgbẹ̀rún 10 sílẹ̀ fún ọkọ̀, alábàárù àti àpò ìpamọ́. Bó bá já sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 80, ogún ẹgbẹ̀rún ló bá àpò kan lọ, yàtọ̀ sí owó ọkọ̀. Lórí mẹ́rin, ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún ni. Má sọ pé kò lè já. Ẹ̀wà wọ́n bí ojú ní 2024, ní 2025 ó já wálẹ̀, ẹni tó kó o pamọ́ fi àdánù tà á.

Kòkòrò wá ńkọ́? Látoko ló ti ń bá ẹ̀wà wálé. Yẹ ara hóró wò dáadáa: ẹyin rẹ̀ funfun, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí àmì kékeré. Bí o bá ti rí ihò àti ìyẹ̀fun nísàlẹ̀ àpò, ó ti pẹ́. Àpò onípele mẹ́ta ni kí o lò, èyí tó ní ọ̀rá méjì nínú. Wo ọ̀rá náà kó má lu, fún afẹ́fẹ́ jáde, kí o so ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kó le. Àìrí afẹ́fẹ́ mí ló ń pa kòkòrò. Má ta oògùn apakòkòrò sí i o, èèyàn ló máa jẹ ẹ́.

Àkànní, owó tí mo sọ pé olè gbé lọ́dún tí o fẹ́ wọ Pólì, olè kọ́. Ẹ̀wà ni mo fi gbogbo ẹ̀ rà, kòkòrò jẹ ẹ́. O jókòó sílé lọ́dún yẹn, mi ò sì lè wo ojú rẹ sọ ọ́. Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyẹn. Má bínú sí mi.

Nínú èyí tó kù, fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà 150 sí bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀. Láti 5,000 náírà ni wọ́n ti ń gbà á, lọ́dọ̀ alágbàtà tí ìjọba fọwọ́ sí. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni èlé ń wọlé, ojú owó á padà lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, èyí tí o bá mú. Nítorí pé kò ní tètè jáde, jẹ́ kí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 140 wà ní báńkì. Bí àìsàn bá dé, o ò ní ta ẹ̀wà lọ́jọ́ tí ọjà kò dáa.

Olóríkunkun! Ṣé o ti san owó fún ẹnì kan? Pè mí kí o tó san án. Ọjọ́ ọjà ni kí o wá, kí a jọ yan àpò náà.

Ìyá rẹ