Ìdí tí ẹyin fi wọ abọ́ àwọn ọmọ yín lójoojúmọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ìwé yìí jáde, nítorí púpọ̀ nínú àwọn òbí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń dáná ní Òṣogbo ló ń ka ìwé ìròyìn yín, ìbéèrè tí wọ́n sì ń bi mí lẹ́nu géètì kò ṣeé dáhùn tán lórí ìdúró. Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí ni a ti ń fi odindi ẹyin sísè kan kún oúnjẹ ọ̀sán ọmọ kọ̀ọ̀kan, láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Ẹtì. Àwọn kan ń bèèrè pé, ṣé ẹran ni kò tó mọ́?

Ẹ̀yin òbí wa, ẹran kò tó rí. Ọmọ 210 ni mò ń dáná fún. Bí mo bá gé ẹran kílò 5 sí ọ̀nà 210, ègé kọ̀ọ̀kan kò ní tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ, nígbà tó bá sì jinná, yóò tún súnkì. Ọmọ tó bá wà lẹ́yìn ìlà lè bá egungun pàdé. Ẹyin kò ṣeé gé bẹ́ẹ̀. Kíréètì kan jẹ́ ẹyin 30, kíréètì 7 sì jẹ́ 210 géérégé. Kíréètì 8 ni a ń rà, kí a lè rí èyí tí a ó fi dí àlàfo àwọn tó bá fọ́. Tèèpotèèpo ni a ń gbé e fún ọmọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì bó o. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó kàn án, ẹ bi í nílé pé, "Ṣé o bó ẹyin lónìí?" Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi pàápàá mọ ìdáhùn ìyẹn.

Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6 purotéènì, èyí tí ara ọmọ fi ń kọ́ iṣan àti egungun. Ìrẹsì àti ẹ̀kọ a máa mú ikùn kún, ṣùgbọ́n wọn kò ní èyí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé kí a pa ẹ̀wà tì o, nítorí ẹ̀wà ṣì wà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bákan náà ni ẹ̀fọ́ àti ọsàn kò kúrò, torí pé kò sí fítámìnì C nínú ẹyin rárá.

Kí n tó gbé ìkòkò kaná, mo máa ń fi ẹyin sínú omi tútù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá léfòó, mo yà á sọ́tọ̀: bí ẹyin bá ti ń pẹ́, omi inú rẹ̀ ń gba ara èèpo jáde, afẹ́fẹ́ sì ń rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èyí tó léfòó ló bàjẹ́, ṣùgbọ́n n kò fi ikùn ọmọ ọlọ́mọ dán an wò. Mo pẹ́ dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo sì fo ìgbésẹ̀ yìí. Ẹyin kan tó ti dibàjẹ́ bẹ́ nínú ìkòkò, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé ìdáná, 80 ẹyin ni mo dà nù. Ìtìjú rẹ̀ kò tíì tán lára mi.

Bí omi bá ti hó, mo ka ìṣẹ́jú 12, kí pupa inú rẹ̀ lè le dáadáa, nítorí kòkòrò àìsàn lè wà nínú ẹyin tí kò jinná. Òrùka aláwọ̀ ewé tí ìyá kan rí yí pupa ẹyin ọmọ rẹ̀ ká kì í ṣe májèlé. Iná ló pẹ́ jù lábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má fi ẹyin sápò gbé e délé, torí ooru ọ̀sán kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó bàjẹ́.

Bàbá àgbà kan sọ fún mi pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò jalè. Èmi náà gbọ́ ọ ní kékeré. Lójú tèmi, nígbà tí adìẹ ilé kò ju mẹ́ta lọ, tó sì jẹ́ pé ẹyin ní ń di àkùkọ, ó yẹ kí àgbà fi ẹ̀rù bá ọmọ kó má baà kó ẹyin abẹ́ àgbébọ̀ jẹ. Ẹyin tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́sìn adìẹ kò lè di òròmọdìẹ, torí kò sí àkùkọ láàárín àwọn adìẹ wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ dáhùn. Ara àwọn ọmọ mìíràn kò gba ẹyin: ètè wọn á wú, ara á máa yún wọn, tàbí kí wọ́n bì. A ti mọ mẹ́ta, mọ́ínmọ́ín tí kò ní ẹyin ni mo ń sè fún wọn nínú ìkòkò tiwọn. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín rí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ sì fi rán an sí olùkọ́ rẹ̀ kó tó di Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Olóúnjẹ,
Òṣogbo.