Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lórí iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́ sí

Àdùkẹ́ mi,

Mo ti ka ìwé tí o fẹ́ fi wá iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. O ní o ti kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 ní ìṣirò fún ọdún mẹ́fà ní Kubwa. Òótọ́ ni, àmọ́ ilé-iṣẹ́ kò wá tísà ìṣirò. Ohun tí wọ́n ń wá wà nínú ìtàn tí o sọ fún mi lọ́jọ́sí, o ò kàn kọ ọ́ síbẹ̀ ni.

Àwọn ọmọ ń ro 1/2 mọ́ 1/3, wọ́n ń kọ 2/5. O kó ìwé wọn jọ, o rí i pé àṣìṣe kan náà ni: wọ́n ń ro òkè mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. O gé ọsàn níwájú wọn, wọ́n rí i pé 2/5 kò tiẹ̀ tó ìdajì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, o tún dán wọn wò láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn. Kọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́ fún mi, kí o fi iye ọmọ tó gbà á ṣáájú àti lẹ́yìn kún un.

Ibi tí iṣẹ́ tísà kò ti ní ràn ọ́ lọ́wọ́ rèé. Níléèwé, ìjọba ti yan ohun tí o máa kọ́ wọn. Níbi iṣẹ́, ọ̀gá á kàn ní, “Ẹ wá kọ́ wọn,” ó sì lè jẹ́ pé àìmọ̀ kọ́ ni ìṣòro wọn. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí ní ilé ìkẹ́rù kan ní Idu. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ kò mọ fọ́ọ̀mù ẹrù kọ. Mo fi ọjọ́ méjì kọ́ wọn, gbogbo wọn yege, wọ́n tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi. Oṣù kan lẹ́yìn náà, àṣìṣe ṣì wà bó ṣe wà. Ìgbà tí mo lọ dúró ti wọn lẹ́nu géètì ni mo rí i: fọ́ọ̀mù náà kò ní àyè fún páálí tí kò kún tí oníbàárà bá dá padà, kálukú sì ń kọ ọ́ síbi tó bá rí. Ìlà kan péré ni fọ́ọ̀mù náà nílò. Ojú tì mí.

Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè pé: bí a bá ní kí òṣìṣẹ́ ṣe é níwájú wa nísinsìnyí, ṣé á mọ̀ ọ́n ṣe? Bí ó bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀kọ́ kọ́ ni àtúnṣe.

Wọ́n lè bi ọ́ léèrè nípa ìpele mẹ́rin Kirkpatrick, tí a fi ń wo bóyá ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́: ṣé ẹ̀kọ́ náà dùn mọ́ wọn, ṣé ó yé wọn, ṣé wọ́n ń lò ó lẹ́nu iṣẹ́, ṣé ó mú èrè wá. Ìdánwò rẹ dúró sí ìkejì. Ìkẹta ni kí o múra sí, torí níléèwé, bí ìdánwò bá ti parí, ó parí nìyẹn.

Bí o bá ń wọ ọkọ̀ ojú irin bọ̀ ní Kàdúná, kó àwọn ìwé ìdánwò ìdá yẹn dání. A ó jọ kà wọ́n.

Ìyá rẹ