Ẹ Ka Ara Ìgò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ta ọtí ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìjerò àti káàkiri ilẹ̀ Èkìtì,

Mo kí yín, ẹ kú ọjà. Àsìkò ìdána àti òkú ṣíṣe ti ń wọlé. Ṣínáàpù yóò máa tà, àwọn tó ń po ayédèrú náà kò sì ní sùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ìyá ọlọ́tí kan ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, fún yín.

Ìyá yìí kò mọ ìwé kà, àmọ́ ó mọ owó kà. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló kọ́ ọ, kò sì fi ìwé ABD kọ́ ọ. Ìgò ṣínáàpù kan tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń kó ọjà fún ni wọ́n gbé síwájú. Ibi tí nọ́ńbà wà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, torí nọ́ńbà kò ṣàjèjì sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sí orúkọ ọtí, àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ àti lẹ́tà mẹ́fà tó wà nínú NAFDAC. Nígbà tó mọ gbogbo rẹ̀ tán, kò ta ìgò náà. Abẹ́ tábìlì ló fi pamọ́ sí, kó lè máa fi wé èyí tó bá fẹ́ rà.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan kó páálí márùn-ún dé nínú bọ́ọ̀sì. Ìgò méjìlá ló wà nínú páálí kan, owó rẹ̀ sì fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Ìyá fa ìgò mẹ́rin yọ nínú páálí kan, ó gbé ti abẹ́ tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Nọ́ńbà NAFDAC bá ara mu láìyẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ yín ti ń dúró, ẹ ó sì sanwó. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Irú ọtí náà ló ni nọ́ńbà yẹn, kì í ṣe ìgò kan ṣoṣo, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè dà á kọ.

Nọ́ńbà kejì ni ìyá yẹ̀ wò, èyí tí ilé iṣẹ́ máa ń fún gbogbo ìgò tí wọ́n bá rọ pa pọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọtí sábà máa ń wà nítòsí rẹ̀. Páálí tí wọn kò tíì já láti ilé iṣẹ́, nọ́ńbà kan náà ló yẹ kó wà lára ìgò inú rẹ̀. Ìgò mẹ́rin tí ìyá tò sílẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin! Ọ̀kan jẹ́ ti ọdún yẹn, òmíràn ti lé lọ́dún méjì. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ojú agbo ni wọ́n ti ṣa òfìfo ìgò, wọ́n wá rọ nǹkan mìíràn sí i. Lóòótọ́, alágbàtà lè da ìgò oríṣiríṣi pọ̀ sínú páálí kan, nítorí náà ìyẹn nìkan kò tó dá a lẹ́bi. Ìyá yí ọmọrí wò. Òrùka ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti já, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ padà. Ó wo páálí: 75cl ló wà níbẹ̀, 70cl ló wà lára ìgò.

Ọkùnrin náà ní, "Màmá, ẹ ṣáà tọ́ ọ wò." Ìyá kọ̀.

Ó gbọ́n. Oríṣi ọtí kan wà tí wọ́n ń pè ní mẹ́táńọ́ọ̀lù, ilé iṣẹ́ ọ̀dà àti kẹ́míkà ló wà fún. Òórùn àti adùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọtí mímu, ahọ́n kò lè yà á sọ́tọ̀. Tó bá wọ ara, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ásíìdì tó ń ba iṣan ojú jẹ́. Ó lè tó wákàtí mélòó kan, nígbà míì ó lè di ọjọ́ kejì, kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ìdí nìyí tí ẹni tó mu ún fi máa ń rò pé ọtí lásán ló ń pa òun. Òun ló pa àwọn ènìyàn ní Òde-Ìrẹlẹ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015, tó sì fọ́ àwọn mìíràn lójú. Bí oníbàárà bá ní ojú òun ń ṣú lẹ́yìn ọtí, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá kíákíá, kí ẹ sì mú ìgò náà dání.

Ìyá kò ra ọ̀kankan. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ ya fọ́tò ara ìgò àti páálí, ó sì fi ránṣẹ́ sí NAFDAC.

Ó ku ọ̀rọ̀ òfìfo ìgò o. Èyí tí wọ́n bá mu tán ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ fi ìṣó họ lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ya, kí ẹ tẹ ọmọrí rẹ̀ fọ́, kí ẹ tó jẹ́ kí àwọn tó ń ra ìgò kó o lọ.

Èmi ni bàbá yín,
Adó-Èkìtì.